Àtẹ́lẹwọ́ Méjì fún Àwọn Atukọ̀ Farha

Iṣẹ́ tí Zakia Mzoughi fi ń jẹun ni kí ó máa bá àwọn oníṣòwò ìlú etíkun Ras el-Melh polówó ọjà wọn lórí Fesibúùkù. Òun ló ń gbé àwòrán àkàrà òyìnbó síta fún ilé àkàrà tó wà lẹ́bàá mọ́sálásí, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin tó ń ta yìnyín fún àwọn apẹja, òun náà ló sì ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wá sọ ọ̀rá tí àkàrà yẹn kó jọ kalẹ̀ ní ilé eré ìdárayá. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Orí tábìlì ilé ìdáná ni ọ́fíìsì rẹ̀.

Zakia kì í fi ìmójì, àwòrán kéékèèké orí fóònù, ṣahun. Àkàrà òyìnbó kan ṣoṣo lè gba iná mẹ́ta, ọkàn pupa méjì, àti ojú kan tó ń lá ètè. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti rí iná yẹn, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn apẹja gbé ojú ìwé tiwọn náà lé e lọ́wọ́, kò rò pé ó yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ lọ́la, ẹ má jáde; ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú; ẹ̀rọ ọkọ̀ kan wà fún títà. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ohun tó ṣòro dé nígbà tí ó fẹ́ pé ọdún kan tí ọkọ̀ Farha wọ òkun tí kò padà.

Ayọ̀ ni ìtumọ̀ Farha. Baba tó kan ọkọ̀ náà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ọkùnrin méje ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìjì ká wọn mọ́ agbami. Òkun dá òkú mẹ́rin padà, títí kan ti ọ̀gá wọn, Mondher, ọkọ Hayet. Àwọn mẹ́ta yòókù, kò sí ẹni tó rí wọn di bí mo ṣe ń wí yìí. Ramzi wà lára àwọn mẹ́ta náà. Baba rẹ̀ ni Amm Shedly (àgbà ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Amm), ẹni tó máa ń tún àwọ̀n ṣe kí ojú tirẹ̀ tó fọ́.

Amm Lamjed, alága ẹgbẹ́, ló pe Zakia lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún. A fẹ́ kí o kọ nǹkan sí ojú ìwé wa. Kó wúwo o. Má kọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ti àkàrà."

"Amm Lamjed, ẹ̀yin náà! Ṣé mi ò mọ ìyẹn ni?"

"O mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ ni."

Zakia jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ orúkọ àwọn ọkùnrin méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, kí Ó tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí ó wo ohun tó kọ, ó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ lójú rẹ̀; ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kọ nǹkan rí láìsí àwòrán lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá fi ìgbì omi kan àti àdàbà kan sẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìgbì omi fún òkun, àdàbà fún ọkàn tó ti fò lọ. Ó fi ọwọ́ méjì tó pàdé sísàlẹ̀. Ó wá fi háṣítàágì tì í: #Ọdún_Kan_Pẹ̀lú_Farha. Ó kà á, omi lé ròrò sí òun gan-an lójú, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Ọlọ́run yọ ọ́ pé kò gbé e síta lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù tí àwọn ẹbí àwọn méje náà dá sílẹ̀, kí wọ́n lè wò ó.

Lẹ́yìn náà ni ohùn Amm Shedly wọlé. Kò lè kọ̀wé mọ́. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́.

"Zakia, o ṣeun. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, yà lọ́dọ̀ wa."

Kò sí ìbínú nínú ohùn náà rárá. Ìdí nìyẹn tí Zakia fi tètè wọ bàtà rẹ̀.

Ìyàwó Amm Shedly, Khalti Mbarka (Khalti ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin), ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kó jókòó, ó gbé tíì ka iná, ó da èso álímọ́ńdì sínú ife. Amm Shedly jókòó lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù rẹ̀ lórí itan.

"Báwo ni ìyá rẹ?"

"Wọ́n wà, Amm Shedly. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ó dáa. Gbọ́ nǹkan yìí."

Ó fi ìka ra ojú fóònù. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún un, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí kì í bínú, tí kì í sunkún, tí kì í mí.

"Mondher Jelassi. Ìgbì omi. Àdàbà. Kamel Souissi. Ìgbì omi. Àdàbà. Ramzi Hamrouni. Ìgbì omi. Àdàbà."

Bí fóònù ṣe ń pe orúkọ ni ìgbì ń wá bò ó. Ó pe òmíràn, ìgbì tún bò ó. Zakia kò tíì gbọ́ ọ rí. Ojú ló fi ń wo ìmójì láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ ronú rí pé àwòrán kékeré yẹn ní orúkọ tí ẹ̀rọ ń pè, pé ẹni tí kò ríran ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Nígbà tí fóònù dé orúkọ keje, Zakia ti fọwọ́ bo ojú rẹ̀.

"Amm Shedly, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró."

Baba náà dá a dúró. "Mi ò pè ọ́ wá bá ọ jà o. Mo ní tí mo bá gbọ́ ọ báyìí, àwọn kan náà máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìgbì ló pa wọ́n. A ò fi í ṣe ọ̀ṣọ́ fún wọn."

"Mi ò rò ó débẹ̀."

"Mo mọ̀."

Khalti Mbarka gbé tíì kalẹ̀ níwájú Zakia. Ó wá dúró síbẹ̀.

"Èmi, àdàbà ni mo fẹ́ bi ọ́," ló wí. "Ta ló sọ fún ọ pé Ramzi ti di àdàbà?"

Zakia gbójú sókè wò ó.

"Wọ́n rí Mondher. Wọ́n sin ín, mo bá wọn sunkún. Ramzi, ta ló rí i? O kọ ọ́ níbẹ̀ pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Àwa kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ mi nínú ilé yìí."

"Mbarka," ni ọkọ rẹ̀ wí, jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́, Shedly. Ìwọ ti gbà. Mi ò bá ọ jà sí i. Èmi ò tíì gbà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Hayet, opó Mondher, ló wọlé. Àpò ọjà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti Zakia, ó ṣí fóònù rẹ̀.

"Háṣítàágì tí o kọ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ sí Fesibúùkù kí n lè mọ bó ṣe máa rí. Wo ohun tó gbé jáde."

Ìyàwó tuntun ló kún ibẹ̀, funfun gbòò. Ọkọ gbé ìyàwó, ìyàwó gbé òdòdó, ilù ń dún, kéèkì onípele mẹ́rin. Tọkọtaya tó ti pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó ló ń lo ọ̀rọ̀ náà: ọdún kan pẹ̀lú ayọ̀. Kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ń sunkún, àfi obìnrin kan tó ń sunkún ayọ̀ níwájú ẹ̀bùn mọ́tò.

"Àárín àwọn yìí ni wọ́n máa to ọkọ mi sí," ni Hayet wí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jọ ọ́.

Ojú ti Zakia débi tí kò lè mu tíì. Bí ó bá jẹ́ ti ilé àkàrà ni, kò ní gbé háṣítàágì kankan síta láì kọ́kọ́ wá a wò. Ó máa ń wá a, kó má baà bá ilé àkàrà mìíràn jà. Ọ̀rọ̀ òkú ni kò wá wò. Ó rò pé ìbànújẹ́ nìkan ti tó.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe níbí. Mi ò ní dá a kọ mọ́."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ kò ṣeé yọ, gbogbo wọn gbà. Hayet ní ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń tijú rẹ̀. Mondher a máa fọ̀ ọ́ ju bó ṣe ń fọ àwo lọ. Ṣùgbọ́n Farha nìkan, ìgbéyàwó ni. Amm Shedly ló ní kí wọ́n fi iṣẹ́ àwọn ọmọ náà ṣáájú rẹ̀. Zakia tẹ̀ ẹ́: #Àwọn_Atukọ̀_Farha. Ó wá a. Òfìfo. Ó wá a lórí Ínsítágíráàmù náà. Òfìfo. Ó ní kí fóònù Amm Shedly kà á. Nítorí ìlà kékeré tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ náà, fóònù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lọ̀ wọ́n pọ̀.

"Tiwa ni," ni Hayet wí. "Kò sí aláriwo kankan níbẹ̀."

Ìmójì ló wá kù. Zakia ní bóyá kí wọ́n má tilẹ̀ fi sí i rárá. Hayet kọ̀. Ó ní àwọn ọmọdé ìlú, tí wọn ò bá rí àwòrán kankan, wọ́n á rò pé ìwé ìkéde iná mànàmáná ni, wọ́n á fò ó kọjá. Zakia fi àbẹ́là hàn wọ́n. Khalti Mbarka bi í bóyá ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe. Ó fi ìdákọ̀ró hàn wọ́n, ó ní ọkọ̀ tó bá ju ìdákọ̀ró ti sinmi nìyẹn. Hayet mi orí.

"Zakia, níbo ni ìdákọ̀ró ń lọ? Ìsàlẹ̀ omi."

Khalti Mbarka ní ilé iná ni kí wọ́n fi sí i, ilé gíga tí iná rẹ̀ ń yí ká lẹ́nu èbúté, kí ẹni tó wà lókun lè rí ọ̀nà. Zakia wá a títí, fóònù kò ní in. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ilé ìfowópamọ́ wà níbẹ̀, ilé tí tọkọtaya ń lọ sùn wà níbẹ̀, ilé iná kò sí.

"Àwọn tó ṣe é ò ní ẹni lójú òkun," ni Khalti Mbarka wí.

Wọ́n dé orí ọwọ́ méjì tó pàdé tí Zakia ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amm Shedly ní kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún òun. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní àwọn wo ló ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀? Hayet ní àbúrò òun sọ pé èèyàn méjì tó ń lu àtẹ́lẹwọ́ ara wọn ni, bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Wọ́n ń bá a jiyàn lọ, nígbà tí Khalti Mbarka, tó ti padà sídìí iná, dá sí i láìyíjú.

"Ẹ máa jiyàn yín. Èmi, bí mo bá ti kírun tán láràárọ̀, ohun tí mo ń ṣe nìyí." Ó wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè níwájú àyà, omi tíì ṣì ń kán lára ìka rẹ̀. "Mo ń tọrọ ọmọ mi lọ́wọ́ Ẹni tó mọ ibi tó wà."

Zakia wo ọwọ́ náà. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyẹn wà níbẹ̀; kò rò ó kàn ni, nítorí kò wúlò fún àkàrà. Ó wá a rí, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù Amm Shedly sún mọ́ ọn kí ó kà á.

"Àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ṣí sókè," ni fóònù wí.

"Èèyàn lè fi ìyẹn gbàdúrà fún òkú," ni Hayet wí.

"Èèyàn lè fi gbàdúrà fún arìnrìn-àjò," ni Khalti Mbarka dáhùn.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa fi sí i," ni Zakia wí. "Nísàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ wọn á dá dúró, kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn."

Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Amm Shedly ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: wọ́n wà ní ìṣọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà gba òkú, ó sì gba alààyè. Khalti Mbarka bu tíì mìíràn fún Zakia nítorí àkọ́kọ́ ti tutù, ó sì fi búrẹ́dì gbígbóná tì í.

Amm Lamjed ni kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní háṣítàágì kan ṣoṣo kéré jù, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi orúkọ ìlú sí i, kí wọ́n sì fi ti òkun àti ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn onílé ìtura ń lò, kí ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀nà jíjìn?

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ sọ pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń sáré tó."

"Ó ń sáré lóòótọ́, Amm Lamjed. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kó sáré. Ẹni tó ń wá ibi tó máa lúwẹ̀ẹ́ ló máa pàdé wọn tí mo bá fi ti ẹ̀ẹ̀rùn sí i."

"Ó dára. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Kí Jímọ̀ tó dé, Zakia pe àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó sún ìpolówó àkàrà àti ti ilé eré ìdárayá sí ọjọ́ kejì, kó má baà jẹ́ pé ojú tó ń lá ètè ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí lẹ́yìn orúkọ Ramzi. Kò sí ẹni tó bá a jà. Oní-yìnyín tilẹ̀ ní òun ò ní tajà rárá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n jáde nírun Jímọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Orúkọ méje, ìlà kan, àtẹ́lẹwọ́ méjì, háṣítàágì kan. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan náà dáhùn, bí ìgbà tí ìjọ bá ń ṣe àmín. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí tí orúkọ Amm Lamjed fi yọ. Alága kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ojú mẹ́rin ló fi ránṣẹ́, gbogbo wọn la ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti bò ó. "Ṣé ìwọ nìyẹn, alága?" "Ikú ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ọmọ kan tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn alága lọ ní kí ó fi ipò sílẹ̀. Zakia mú fóònù.

"Amm Lamjed, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lẹ́nu èbúté." Ohùn rẹ̀ wúwo, imú rẹ̀ ti dí. "Mo rí ohun tí o kọ. Zakia, o ṣe é dáadáa. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ ni, mo wá fi èyí tó ń sunkún ránṣẹ́."

"Ṣé awò ojú yín wà lójú yín?"

"Ó wà nílé. Èwo ni ti awò ojú nínú ẹ̀? Ṣé kì í ṣe èyí tómi ń bọ́ lójú rẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rín ló ń pa á, Amm Lamjed. Ẹ̀rín ló fa omi yẹn."

"Mondher ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí fóònù yìí," ló wí. "Kò kọ́ mi débi yẹn."

Zakia lè pa kọ́mẹ́ǹtì náà rẹ́, ojú ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pa á rẹ́. Ó mọ̀ pé bí ó bá pòórá, àwọn tó ti rí i á ní wọ́n bo àṣírí. Ó ní kí ọkùnrin náà jókòó síbì kan, ó sì darí rẹ̀ lórí fóònù: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹ yan àtúnṣe, ẹ pa ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú àṣìṣe púpọ̀: *Mi ò rí dáadáa, mo ṣi ojú mú, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo dágbére fún wọn lẹ́nu èbúté. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.* Ọmọ tó ní kó fi ipò sílẹ̀ ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Zakia. Ó wọ inú ètò ojú ìwé náà, ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́ rí, ó sì fi ojú ẹlẹ́rìn-ín náà síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kọ́mẹ́ǹtì tó bá ní in nínú á fara pamọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á máa rí i, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa rí i, àwọn yòókù ò ní rí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, háṣítàágì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní olùgbé. Ẹnì kan láti ìlú Sfax fi àwòrán ọkọ̀ náà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kùn ún láwọ̀ búlúù. Ẹlòmíràn fi Ramzi síbẹ̀ níbi tó ti sùn lórí àwọ̀n, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Zakia sì bẹ ẹni náà pé kó kọ ohun tó wà nínú àwòrán sábẹ́ rẹ̀, kí Amm Shedly lè gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó ti bá Mondher ṣiṣẹ́ rí wá fi fídíò kan sórí ojú ìwé ẹgbẹ́. Mondher ló wà nínú rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe, ó ń kọrin ìfẹ́ fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ohùn tó burú jáì, ó sì ń gbá a ní bàtà bí kò bá dáhùn.

Zakia ṣí ibi tí àwọn kọ́mẹ́ǹtì tó fara pamọ́ wà. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Hayet ló kọ ọ́, lábẹ́ fídíò náà: ojú ẹlẹ́rìn-ín, ó tò ó títí ó fi kún ìlà, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ó pè é.

"Hayet, o fi ojú kan sábẹ́ fídíò yẹn. Ṣé o ríran dáadáa?"

"Mo ríran. Kí ló dé?"

"Ẹ̀rọ fi í pamọ́. Èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n bi ọ́, nítorí àwọn èèyàn. O mọ ẹnu wọn."

Ẹ̀rín pa Hayet, ẹ̀rín tó ti inú wá. Zakia kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

"Zakia, o gbọ́ orin tó ń kọ? Ohun tó máa ń kọ fún mi náà nìyẹn, nílé ìdáná, bí mo bá bínú. Ọkọ mi ni, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣí i."

Zakia ṣí i. Ó fi ojú ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó máa bú Hayet, títí ìyá rẹ̀ fi ní kó kó fóònù kúrò lórí tábìlì kí àwọn lè jẹun. Kò sí ẹni tó bú u. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó rí ọkàn pupa kan lábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì Hayet: Khalti Mbarka ló ní kí ẹnì kan bá òun tẹ̀ ẹ́.